Kóòdù wa jọra, ṣùgbọ́n a ò jí ti ara wa kọ: lẹ́tà wo ni kí n kọ sí olórí ẹ̀ka?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí, níbí ní Ìkòròdú. Olórí ẹ̀ka wa fún èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìwé wá-sọ-tẹnu-ẹ pé a jí iṣẹ́ ara wa kọ. Wọ́n ní ká fi báínárì sáàṣì, ìwákiri tó ń pín àkójọ sí méjì-méjì, wá owó ọkọ̀ kan nínú àkójọ tí wọ́n ti tò, ní Python. Olùkọ́ fún gbogbo wa ní fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ onílà 12. Èsì MOSS, ẹ̀rọ tó ń fi kóòdù wéra, ní ìlà 24 nínú ìlà 30 tèmi ló bá tirẹ̀ mu, ìdá 80 nínú 100, wọ́n sì kun ìlà olùkọ́ náà mọ́ ọn. N kò rí iṣẹ́ rẹ̀, kò rí tèmi. Ẹ̀kọ́ àfikún ní Sábó nìkan ló pa wá pọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwa méjèèjì kọ `mid = low + (high - low) // 2`, nígbà tí àwọn tí mo bi ní kíláàsì kọ `(low + high) // 2`. VS Code ni mo fi kọ ọ́. Wákàtí 72 ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n kọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Èbúté, Ìkòròdú*

Àbúrò mi, má tíì mú bírò. Fáìlì iṣẹ́ yẹn ni kí o kọ́kọ́ dáàbò bò. VS Code máa ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sínú kọ̀ǹpútà rẹ nígbàkígbà tí o bá fi iṣẹ́ pamọ́. Ṣí fáìlì náà láì tẹ lẹ́tà kan sí i, kí o wo ìsàlẹ̀ lápá òsì níbi tí wọ́n kọ `Timeline` sí. Wàá rí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ẹ̀dà 50 ló máa ń pa mọ́ fún fáìlì kan, àfi bí ẹnì kan bá ti yí iye náà padà. Bí ìjáyà bá mú kí o máa ṣí i, kí o máa tún un ṣe, kí o sì máa fi pamọ́, èyí tó pẹ́ jù lọ ni yóò máa kúrò, èyí tó pẹ́ jù lọ yẹn gan-an lo sì nílò. Bí ó bá jẹ́ Windows ni, da fódà yìí kọ sórí fíláàṣì lónìí:

```
%APPDATA%\Code\User\History
```

Lẹ́yìn ìyẹn, èsì MOSS. Ojú ewé èsì rẹ̀ kì í wà lórí ayélujára ju ọjọ́ 14 lọ. Bí wọ́n bá fún ọ ní líǹkì rẹ̀, ṣí i, kí o tẹ̀ ẹ́ sórí pépà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, nítorí àwọ̀ yẹn ló ń fi ibi tí fáìlì méjèèjì ti jọra hàn. Bí ó bá jẹ́ pé pépà nìkan ni wọ́n so mọ́ ìwé náà, rí i dájú pé gbogbo ewé rẹ̀ pé. Ewé tó máa ń sọnù jù ni èyí tí kóòdù ẹnì kejì wà lórí rẹ̀, láìsí ìyẹn o kò lè ka ìlà.

Ní báyìí, ka ìlà. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á gbá ìdá 80 mú, wọ́n á máa bá a jà: "kò lè tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń purọ́." Ẹ̀rọ kò purọ́. MOSS, tí Alex Aiken ti ilé-ẹ̀kọ́ Stanford ti ń ṣètò láti 1994, máa ń gbójú fo àlàfo àti orúkọ tí ènìyàn sọ àwọn nǹkan inú kóòdù, á gé kóòdù sí wẹ́wẹ́, á sì wá wẹ́wẹ́ tó bára mu nínú fáìlì méjì. Ibi tí nǹkan ti jọra ló ń sọ. Ìdí tó fi jọra kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ṣe é pàápàá sì sọ bẹ́ẹ̀: ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wo kóòdù kó tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Iṣẹ́ lẹ́tà rẹ ni láti bá olórí ẹ̀ka wo ìlà 24 náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlà 12 jẹ́ ti olùkọ́. Ó dá mi lójú pé wọn kò fi fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ fún MOSS gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò gbọ́dọ̀ kà, torí pé ká ní wọ́n ṣe é ni, ìlà wọ̀nyẹn ò ní ní àwọ̀. Àṣẹ tó ń ṣe é wà, `-b` ni:

```
moss -l python -b ibere.py *.py
```

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Bí a bá yọ ìlà 12 kúrò nínú 30, ìlà 18 ló kù tó jẹ́ tìrẹ. Nínú 18 yìí, 12 ṣì bá ti ẹnì kejì mu, ìyẹn nǹkan bí ìdá 67. Bí o bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "fáìlì olùkọ́ ló fà á", olórí ẹ̀ka yóò ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ gbọ́ mọ́. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìlà 11 nínú 12 tó kù ni báínárì sáàṣì fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí nìyí:

```python
    low = 0
    high = len(fares) - 1
    while low <= high:
        mid = low + (high - low) // 2
        if fares[mid] == target:
            return mid
        elif fares[mid] < target:
            low = mid + 1
        else:
            high = mid - 1
    return -1
```

Ìlà kan péré tó kù ni èyí tó ń tẹ èsì jáde. Ohun tí ìbéèrè béèrè ni ìlà 11 yìí: ẹni tó bá ní kí ènìyàn 60 pín àkójọ sí méjì-méjì títí wọ́n á fi rí ohun tí wọ́n ń wá kò lè retí ọ̀nà 60. Ààlà ìsàlẹ̀, ààlà òkè, àárín, kí o fi àárín wé ohun tí o ń wá, kí o sì sún ààlà kan. Orúkọ `low`, `high` àti `mid` pàápàá ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń kọ́ni. Ìlà mẹ́fà tí kò jọra, níbi tí o ti ń yẹ ohun tí ènìyàn tẹ̀ wò, ni ibi tí ìbéèrè ti fi kálukú sílẹ̀ kó ṣe tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ sì ti yàtọ̀. Sọ èyí ní tààràtà, nítorí ẹni tó jí iṣẹ́ kọ kì í sábà fi apá tó ṣòro jù láti ronú kàn sílẹ̀, kó jókòó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ìlà `mid`. Òun lẹ́jọ́ yìí dá lé lórí, ó sì dáa pé ìwọ fúnra rẹ rí i. Bí olùkọ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní bìkítà púpọ̀ nípa `return -1`. Ohun tí kò wọ́pọ̀ tó sì wà níbi méjì ló máa mú lójú. Àṣìṣe kan náà, àkọsílẹ̀ inú kóòdù tí ẹni méjì ṣì kọ bákan náà, ìlà tí kò wúlò fún nǹkan kan: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa ń tú àṣírí. Ìlà yín fẹ́ jọ irú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí ní Python, kò sí ìdí kankan fún kíkọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Inú àwọn èdè bíi Java àti C ló ti wá. Nínú Java, nọ́ńbà `int` kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí `low` àti `high` bá tóbi gan-an, tí o sì rò wọ́n pọ̀, àròpọ̀ yóò kọjá ibẹ̀, á sì yí padà di nọ́ńbà òdì, póróráàmù á sì dàrú. Àṣìṣe yìí wà nínú báínárì sáàṣì Java fúnra rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí Joshua Bloch, ẹni tó kọ kóòdù náà, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2006. Láti yẹra fún un, èèyàn á kọ́kọ́ yọ `low` kúrò lára `high`, á pín èyí tó kù sí méjì, á sì rò ó mọ́ `low`. Nọ́ńbà Python kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó kọ ọ́ ní Python ti kọ́ ọ níbì kan ni. Ibo ni? Bí o bá dáhùn ìbéèrè kan péré yìí pẹ̀lú ẹ̀rí, ẹjọ́ náà ti fúyẹ́.

O ní ẹ jọ máa ń lọ sí ẹ̀kọ́ ní Sábó. Lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ lónìí. Ìwé tó dára jù ni èyí tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, tí ọjọ́ náà sì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí olùkọ́ àfikún náà bá pín pépà fún yín tàbí tó fi fáìlì ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìránṣẹ́, kí o sì ní kó kọ ìwé kúkúrú tó fọwọ́ sí: pé òun kọ́ yín ní ìlà yìí lọ́jọ́ báyìí, àti pé ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé rẹ, tó jẹ́ pé orí fídíò kan tàbí ìwé kan lo ti rí i, sọ ibẹ̀ gan-an. Má ṣe fi Sábó bo ohun tí kò ti Sábó wá. Olórí ẹ̀ka lè pe olùkọ́ àfikún náà lórí fóònù nígbà tí o ṣì jókòó níwájú rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìwé Sábó fi ju ìyẹ̀wò MOSS tuntun lọ. MOSS ní ètò mìíràn, `-m`, tó ń gbójú fo ẹ̀yà kóòdù tó bá ti wà nínú fáìlì tó pọ̀ ju iye kan lọ. 10 ni iye náà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí wọ́n bá fi fáìlì gbogbo kíláàsì sí i, tí àwọn yòókù sì kọ `(low + high) // 2` lóòótọ́, ìlà tiyín kò ní wà lára ohun tó wọ́pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì náà ni yóò tún yọ. Bèèrè fún ìyẹ̀wò pẹ̀lú `-b`, ó tọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n má ṣe gbé gbogbo ìrètí rẹ lé e. Bí àwọn mìíràn tó wá sí Sábó bá wà ní kíláàsì yín, ìlà kan náà yẹ kó wà nínú iṣẹ́ tiwọn náà. Kọ ọ́ pé kí wọ́n wo bóyá ìlà náà wà nínú fáìlì mìíràn. Má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà inú `Timeline`. Ohun tí o ń wá níbẹ̀ ni ibi tí o ti ṣe àṣìṣe tí o sì tún un ṣe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ènìyàn kọ `while low < high`, láìsí àmì `=`. Wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àkójọ bá jẹ́ `[200, 300, 500, 700, 1000]` tí a sì ń wá 1000. `low` jẹ́ 0, `high` jẹ́ 4, àárín jẹ́ 2, owó ibẹ̀ jẹ́ 500, ó kéré, `low` á di 3. Àárín á di 3, owó ibẹ̀ jẹ́ 700, ó ṣì kéré, `low` á di 4. Ní báyìí 4 kò kéré sí 4, nítorí náà póróráàmù á dúró, á sì sọ pé -1, bẹ́ẹ̀ 1000 wà níbẹ̀ ní ipò 4. Bí ẹ̀dà kan bá ní irú àṣìṣe yìí, tí ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú bá sì ní `<=`, tẹ méjèèjì jáde pẹ̀lú àkókò wọn. Ẹni tó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ kì í sábà rìn gba ibẹ̀. Fáìlì rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láti ẹ̀dà kìíní.

Ẹ̀rí yìí ní ibi tó mọ. Ó fi hàn pé kóòdù náà dàgbà díẹ̀díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Kò fi hàn pé pépà ẹlòmíràn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tó wà lára fáìlì lórí fíláàṣì kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ó lè yí padà bí o bá da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́tà náà nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì yín máa fẹ́. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá kí ìdí gbolóhùn kọ̀ọ̀kan lè yé ọ kí o tó kọ tìrẹ. Kó má ju ojú ewé kan àbọ̀ lọ.

> Sí: Olórí Ẹ̀ka, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà
> Nípasẹ̀: Olùdámọ̀ràn Kíláàsì Ọdún Kejì
>
> ÌDÁHÙN SÍ ÌWÉ YÍN TI [ỌJỌ́] ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ
>
> Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ni mo kọ iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀. N kò rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kejì kí n tó fi tèmi sílẹ̀, n kò sì fi tèmi hàn án. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.
>
> Òótọ́ ni pé ìlà 24 nínú ìlà 30 jọra. Ìlà 12 nínú wọn wà nínú fáìlì tí olùkọ́ fún gbogbo kíláàsì (Àfikún A). Nínú ìlà 18 tí mo kọ fúnra mi, 12 jọra: 11 jẹ́ báínárì sáàṣì tí ìbéèrè ní ká lò, ọ̀kan ń tẹ èsì jáde. Ìlà 6 tí mo fi yẹ ohun tí ènìyàn tẹ̀ wò kò jọ tirẹ̀.
>
> Mo mọ̀ pé ìlà `mid = low + (high - low) // 2` kò wọ́pọ̀ ní kíláàsì wa. Ẹ̀kọ́ àfikún tí mo lọ ní Sábó ní [ọjọ́] ni mo ti kọ́ ọ, ṣáájú iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì náà wà níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ mi àti ìwé tí olùkọ́ àfikún fọwọ́ sí wà ní Àfikún B. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ náà, a kò jọ ṣe iṣẹ́ yìí.
>
> Àfikún D ni ẹ̀dà fáìlì mi ti [aago] àti [aago] ní [ọjọ́], níbi tí àṣìṣe mi nínú `while` àti àtúnṣe rẹ̀ ti hàn. Mo lè gbé kọ̀ǹpútà náà wá kí ẹ wò ó.
>
> Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun méjì: kí ẹ tún MOSS ṣe pẹ̀lú fáìlì olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá ìlà `mid` yẹn wà nínú iṣẹ́ mìíràn; àti kí ẹ pè mí lémi nìkan láti kọ fọ́ńṣọ̀n náà níwájú olùkọ́, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀.
>
> Orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ìbuwọ́lù, ọjọ́

Gbolóhùn "a kò jọ ṣe iṣẹ́ yìí" gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá. Bí ẹ bá bára yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà lórí Wọ́sáàpù, kódà bó jẹ́ "ṣé o ti ṣe é?" nìkan, kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ìwọ sọ kò ní pa ọ́ lára. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kejì ló máa di irọ́. Má ṣe kọ ọ́ pé òun ló jí tìrẹ, torí o kò mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jọ kọ lẹ́tà o! Lẹ́tà méjì tó bára mu lórí ẹ̀sùn pé kóòdù méjì bára mu, ta ni yóò gbà á?

Bí wọ́n bá pè ọ́, wọ́n máa fọwọ́ kan nǹkan mẹ́ta: ìdí tí o fi kọ `mid` bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àmì `=` bá kúrò, àti ìdí tí àkójọ fi gbọ́dọ̀ wà ní títò. Ti `mid`, sọ òótọ́ pé Python kò nílò rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni. Fi àpẹẹrẹ 1000 tó wà lókè dáhùn èkejì, kí o fi pẹ́ńsù tọpa rẹ̀ lórí pépà níwájú wọn. Fún ẹ̀kẹta, da àkójọ náà rú, kí o fi hàn wọ́n bí póróráàmù ṣe ń ju ìdajì tí owó náà wà nínú rẹ̀ nù.

Tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí o kọ A, B àti D sórí àwọn àfikún. Gbé e lọ bá olùdámọ̀ràn kíláàsì lákọ̀ọ́kọ́, kó fọwọ́ sí i, kí o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé olórí ẹ̀ka. Ka wákàtí 72 náà láti àkókò tí o fọwọ́ sí gbígba ìwé wọn, má sì dúró dé wákàtí tó kẹ́yìn: bí olùdámọ̀ràn kò bá sí ní ọ́fíìsì, fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un, kí o gbé èkejì lọ tààrà, kí o sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé o wá a lọ́jọ́ báyìí, aago báyìí. Ní kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí o tó kúrò lẹ́nu tábìlì rẹ̀.